Ojú-Ìwé Wo Ni Kó Jáde? Àgbéyẹ̀wò Ìlànà Mẹ́ta Lórí Ọ̀wọ́ Ìbéèrè Kan Ṣoṣo

Bí mẹ́mórì kọ̀ǹpútà bá ti kún, tí ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ sì tún béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀, nǹkan kan gbọ́dọ̀ jáde kí òmíràn tó ráyè wọlé. Èwo ni kó jáde? Ìdáhùn mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé kọ́kọ́ jáde. A ó pè é ní Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde. Èkejì ni pé kí èyí tó ti pẹ́ jù tí wọ́n ti lò ó kẹ́yìn jáde. A ó pè é ní Pípẹ́-Láìlò. Ẹ̀kẹta ni pé kí èyí tí wọn ò ní tètè béèrè mọ́ jáde. Ìyẹn ló dára jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ó ní láti mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú, nítorí náà Aríran ni a ó máa pè é.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há sórí ni pé Aríran ló gba ipò kìíní, Pípẹ́-Láìlò ló ṣe ìkejì, Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde ló sì gbẹ́yìn. Mo fẹ́ fi ọ̀wọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo hàn pé ìtò yìí kò péye. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù láàárín Pípẹ́-Láìlò àti Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde kì í ṣe iye ìgbà tí ọ̀kan ṣàṣìṣe ju èkejì lọ. Ó wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fi mẹ́mórì kún mẹ́mórì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Kọ̀ǹpútà Atlas tí wọ́n kọ́ ní Yunifásítì Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962, ló kọ́kọ́ mú ìbéèrè yìí wá. Mẹ́mórì rẹ̀ tó yára kò ju ọ̀rọ̀ 16,384 lọ. Àwọn tó kọ́ ọ pín in sí ojú-ìwé 32, ọ̀rọ̀ 512 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyókù iṣẹ́ wà lórí ìlù oní-mágínẹ́ẹ̀tì tó tóbi ju mẹ́mórì lọ, tó sì lọ́ra jù ú lọ. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń gbé ojú-ìwé láti orí ìlù sínú mẹ́mórì, tó sì ń gbé e padà, láìjẹ́ pé ẹni tó kọ ètò dá sí i. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti ní láti máa pinnu fúnra rẹ̀ èwo ni yóò jáde.

Ìpinnu yìí kì í ṣe kékeré, nítorí iye àkókò tó wà nínú rẹ̀. Lónìí, kíka nǹkan láti inú mẹ́mórì máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ohun náà bá wà lórí dísìkì tó ń yí, ó lè gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ìlọ́po 100,000 nìyẹn. Dísìkì tuntun tí kò ní ohun tó ń yí nínú yára jù bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, síbẹ̀ ó ṣì lọ́ra ju mẹ́mórì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà, ohun tí a ń kà nígbà tí a bá ń dán ìlànà wò ni iye ìgbà tí ẹ̀rọ wá ojú-ìwé kan nínú mẹ́mórì tí kò bá a. A ó máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ìgbà bẹ́ẹ̀ ní àìbá.

Ọ̀wọ́ ìbéèrè náà

Ẹ jẹ́ ká mú ètò kan tó ní ojú-ìwé márùn-ún, tó ń béèrè wọn báyìí:

```
1 2 3 4 1 2 5 1 2 3 4 5
```

Ìbéèrè méjìlá ni. Àwọn onímọ̀ ti mọ ọ̀wọ́ yìí dáadáa láti ìparí àwọn ọdún 1960, ìdí tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n yóò sì hàn láìpẹ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan kan, ẹ kíyè sí i pé kò sí ìlànà tó lè ní àìbá tó kéré sí márùn-ún níbí, nítorí mẹ́mórì ṣófo ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí a béèrè ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àìbá. Orí ìbéèrè méje tó kù nìkan ni ìlànà ti lè fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ètò náà ní àyè mẹ́ta nínú mẹ́mórì. Bí Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde ṣe ṣe é nìyí. Àmì x dúró fún àìbá:

```
ìbéèrè:  1  2  3  4  1  2  5  1  2  3  4  5
àyè 1:   1  1  1  4  4  4  5  5  5  5  5  5
àyè 2:      2  2  2  1  1  1  1  1  3  3  3
àyè 3:         3  3  3  2  2  2  2  2  4  4
àìbá:    x  x  x  x  x  x  x        x  x
```

Ọjọ́ ìwọlé nìkan ni ìlànà yìí ń wò. Nígbà tí 4 dé, ó lé 1 jáde nítorí 1 ló kọ́kọ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ 1 gan-an ni ètò béèrè lẹ́yìn ìyẹn. 1 padà wọlé, ó lé 2. 2 náà padà dé, ó lé 3. Ó gba 5 wọlé kí nǹkan tó rọlẹ̀, tí a fi bá 1 àti 2 níbẹ̀. Ní ìparí, a bá 5 náà. Àpapọ̀ àìbá jẹ́ mẹ́sàn-án.

Pípẹ́-Láìlò nìyí, lórí àyè mẹ́ta kan náà:

```
ìbéèrè:  1  2  3  4  1  2  5  1  2  3  4  5
àyè 1:   1  1  1  4  4  4  5  5  5  3  3  3
àyè 2:      2  2  2  1  1  1  1  1  1  4  4
àyè 3:         3  3  3  2  2  2  2  2  2  5
àìbá:    x  x  x  x  x  x  x        x  x  x
```

Mẹ́wàá ni àìbá rẹ̀. Ó fi ọ̀kan burú ju ìlànà tí wọ́n sọ pé ó gbẹ́yìn lọ. Ìbéèrè kẹwàá ni wọ́n ti pínyà. Títí di ìgbà yẹn, ohun kan náà ló wà nínú mẹ́mórì àwọn méjèèjì: 1, 2 àti 5. Lójú Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde, 1 ló ti pẹ́ jù nínú ilé, torí náà 1 jáde fún 3. Lójú Pípẹ́-Láìlò, ètò ṣẹ̀ṣẹ̀ lo 1 àti 2 ni, 5 ló ti pẹ́ díẹ̀ tí a kò fọwọ́ kàn, torí náà 5 jáde. Ó ṣẹlẹ̀ pé ètò kò ní béèrè 1 mọ́ títí tí yóò fi parí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní béèrè 2, ṣùgbọ́n ó máa béèrè 5. Pípẹ́-Láìlò gbà pé ohun tí a ń lò lọ́wọ́ ni a ó tún lò láìpẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni, nítorí ètò máa ń pẹ́ lórí iṣẹ́ kan kó tó bọ́ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ní ìbéèrè kẹwàá, ètò yìí ti kúrò lórí iṣẹ́ 1 àti 2, ìlànà náà kò sì ní bó ṣe lè mọ̀.

Aríran mọ̀. Nígbà tí 4 dé ní ìbéèrè kẹrin, ó wo iwájú: 1 ń bọ̀ ní ìkarùn-ún, 2 ní ìkẹfà, 3 di ìkẹwàá. Ó lé 3, ó sì bá 1 àti 2 nílé lẹ́yìn náà. Nígbà tí 5 dé, 4 ni ìbéèrè rẹ̀ jìnnà jù, torí náà 4 jáde, a sì tún bá 1 àti 2 lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ìbéèrè kẹwàá, ó lé 1. Ní ìkọkànlá, ó lé 2. Ó fi 5 sílẹ̀ títí ètò fi béèrè rẹ̀. Méje ni àìbá rẹ̀. Tí a bá yọ márùn-ún tí kò ṣeé yẹ̀ kúrò, Aríran pàdánù méjì, Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde pàdánù mẹ́rin, Pípẹ́-Láìlò pàdánù márùn-ún.

Kí ni Aríran wà fún?

Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè lo Aríran nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, nítorí ìbéèrè ọ̀la kò tíì sí níwájú rẹ̀. László Bélády, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní ọdún 1966 gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Tí a bá ti gba àkọsílẹ̀ gbogbo ìbéèrè tí ètò kan béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a lè padà sí i, kí a ka iye àìbá tó kéré jù tó ṣeé ṣe, kí a sì fi ìlànà tí ẹ̀rọ lò wé e.

Láìsí òṣùwọ̀n yìí, iye àìbá kò lè sọ ohun púpọ̀ fún wa. Bí ìlànà kan bá ní àìbá mẹ́wàá, tí Aríran náà sì ní mẹ́sàn-án, ìlànà náà kò ní ẹ̀bi. Mẹ́mórì ló kéré jù. Bí Aríran bá ní méje, a mọ̀ pé ọgbọ́n tó dára jù ṣì lè gba àìbá mẹ́ta lọ́wọ́ wa.

Àyè kan sí i

Ẹ jẹ́ ká fún ètò náà ní àyè mẹ́rin dípò mẹ́ta. Ohun tí olúkúlùkù ń retí ni pé kí àìbá dín kù. Pípẹ́-Láìlò sọ̀ kalẹ̀ láti mẹ́wàá sí mẹ́jọ. Aríran sọ̀ kalẹ̀ láti méje sí mẹ́fà. Ẹ wá wo Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde:

```
ìbéèrè:  1  2  3  4  1  2  5  1  2  3  4  5
àyè 1:   1  1  1  1  1  1  5  5  5  5  4  4
àyè 2:      2  2  2  2  2  2  1  1  1  1  5
àyè 3:         3  3  3  3  3  3  2  2  2  2
àyè 4:            4  4  4  4  4  4  3  3  3
àìbá:    x  x  x  x        x  x  x  x  x  x
```

Mẹ́wàá. Pẹ̀lú àyè mẹ́ta, mẹ́sàn-án ló ní. A fi àyè kún un, àìbá sì pọ̀ sí i. Bélády àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Nelson àti Shedler, ló tẹ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ọdún 1969, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń fi orúkọ Bélády pe àbùdá tó yani lẹ́nu yìí.

Ìdí rẹ̀ hàn kedere bí a bá dúró lẹ́yìn ìbéèrè keje, tí a wo inú mẹ́mórì méjèèjì. Nínú mẹ́mórì alàyè-mẹ́ta, 1, 2 àti 5 ló wà níbẹ̀. Nínú mẹ́mórì alàyè-mẹ́rin, 2, 3, 4 àti 5 ló wà níbẹ̀. Èyí tó tóbi kò ní 1, bẹ́ẹ̀ èyí tó kéré ní in, 1 sì ni ètò máa béèrè báyìí. Ohun tó fà á ni pé nínú mẹ́mórì tó tóbi, a bá 1 àti 2 nílé ní ìbéèrè karùn-ún àti ìkẹfà, nítorí náà ọjọ́ ìwọlé wọn kò yí padà. Àwọn ni àgbà ilé tó kàn láti jáde. Nínú èyí tó kéré, wọ́n ti lé wọn jáde tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tún wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò tuntun. Láti ìbéèrè keje lọ, mẹ́mórì tó tóbi wá ń lé ojú-ìwé jáde gẹ́lẹ́ kí ètò tó béèrè rẹ̀: 1 jáde, ètò béèrè 1, 2 jáde, ètò béèrè 2, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé 5.

Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ sí Pípẹ́-Láìlò. Ohun tó wà nínú mẹ́mórì rẹ̀ tó ní àyè mẹ́ta ni ojú-ìwé mẹ́ta tí a lò kẹ́yìn. Ohun tó wà nínú èyí tó ní mẹ́rin ni mẹ́rin tí a lò kẹ́yìn. Mẹ́ta wà nínú mẹ́rin nígbà gbogbo. Lẹ́yìn ìbéèrè keje, èyí tó kéré ní 1, 2 àti 5. Èyí tó tóbi ní 1, 2, 4 àti 5. Ohun tí kékeré bá ti ní, ńlá ti ní i, torí náà kò sí bí ńlá ṣe lè ní àìbá níbi tí kékeré kò ti ní. Aríran náà ní àbùdá yìí.

Mattson, Gecsei, Slutz àti Traiger ti IBM ló ṣàlàyé àbùdá yìí ní kíkún ní ọdún 1970, wọ́n sì fi hàn pé a lè ka ọ̀wọ́ ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a sì mọ iye àìbá fún gbogbo iye àyè tó ṣeé ṣe. Fún Pípẹ́-Láìlò, nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá tún béèrè ojú-ìwé kan, ẹ ka iye ojú-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a ti fọwọ́ kàn láti ìgbà tí a béèrè rẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹ sì ka òun fúnra rẹ̀ mọ́ wọn. Lórí ọ̀wọ́ wa, ìbéèrè karùn-ún àti ìkẹfà fún wa ní 4 àti 4. Ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án fún wa ní 3 àti 3. Mẹ́ta tó kẹ́yìn jẹ́ 5, 5 àti 5. Àyè mẹ́ta á bá àwọn tí iye wọn kò ju 3 lọ: méjì péré, àìbá di mẹ́wàá. Àyè mẹ́rin á bá mẹ́rin, àìbá di mẹ́jọ. Àyè márùn-ún á bá méjèèje, àìbá di márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ ra mẹ́mórì lè fi èyí mọ ohun tí owó rẹ̀ máa ṣe kó tó ná an. Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde kò lè fún un ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀.

```
             àyè 3   àyè 4   àyè 5
Àkọ́wọlé        9      10       5
Pípẹ́-Láìlò    10       8       5
Aríran          7       6       5
```

Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ní tòótọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé ibí lè rò pé gbogbo ẹ̀rọ ló ń lo Pípẹ́-Láìlò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti lò ó gẹ́lẹ́, ẹ̀rọ ní láti kọ àkókò sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fọwọ́ kan mẹ́mórì, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iye tí ìkọsílẹ̀ yẹn máa ná ẹ̀rọ ju èrè rẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ̀rọ ń fúnni kò ju àmì kan lọ lára ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan: a ti lò ó, tàbí a kò tíì lò ó.

Fernando Corbató, tó ṣiṣẹ́ lórí Multics ní MIT, ló ṣàpèjúwe ọ̀nà tí wọ́n gbà ń fi àmì kan yìí ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1960. A to àwọn ojú-ìwé yí po bí ojú aago, ọwọ́ kan sì ń tọ́ka sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá nílò àyè, ọwọ́ náà wo ojú-ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Bí àmì bá wà lára rẹ̀, ó pa àmì náà rẹ́, ó fún un láǹfààní kan sí i, ó kọjá lọ. Bí kò bá sí àmì, ojú-ìwé náà jáde.

Ọ̀nà yìí dà bí Pípẹ́-Láìlò, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ìtò ìwọlé. Ẹ gbé e lé ọ̀wọ́ wa, kí ojú-ìwé máa gba àmì ní kété tó bá wọlé. Pẹ̀lú àyè mẹ́ta, àìbá rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án. Pẹ̀lú àyè mẹ́rin, ó jẹ́ mẹ́wàá. Nígbà tí 5 dé nínú mẹ́mórì alàyè-mẹ́rin, gbogbo ojú-ìwé ló ní àmì, ọwọ́ náà yí po, ó pa gbogbo àmì wọn rẹ́, ó sì lé 1 jáde bí Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde ṣe máa ṣe é. Níbi tí gbogbo ojú-ìwé bá ti ní àmì, àmì náà kò sọ ohunkóhun fún ọwọ́ aago mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ètò bíi Linux kò fi dúró lórí àmì kan ṣoṣo yìí, tí wọ́n fi ń pín ojú-ìwé sí ọ̀wọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àti ọ̀wọ́ tó jókòó.

Pípẹ́-Láìlò fúnra rẹ̀ ní ibi tó ti máa ń ṣubú. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ fún ètò kan ní àyè mẹ́ta, kí ó máa béèrè 1, 2, 3, 4 lẹ́sẹẹsẹ, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó pẹ́ jù láìlò ni èyí tó kàn láti béèrè nígbà gbogbo. Pípẹ́-Láìlò ní àìbá ní gbogbo ìbéèrè méjìlá, bákan náà ni Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde. Aríran ní mẹ́fà péré. Ètò tó ń ka fáìlì ńlá láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó tún padà sí òkè, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ Linux lè mọ̀ bóyá àìtó mẹ́mórì ń bá a fínra. Ẹ tẹ àṣẹ yìí:

```
vmstat 1
```

Òpó `si` ń sọ iye mẹ́mórì tí ẹ̀rọ ń gbé padà wọlé láti dísìkì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, `so` sì ń sọ iye tó ń gbé jáde. Bí wọ́n bá ń sọ odo, tàbí tí wọ́n kàn gòkè lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó rọlẹ̀, kò sí ewu. Bí àwọn méjèèjì bá ga, tí wọn kò sì sọ̀ kalẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ ń lé jáde ló tún ń pè wọlé.

Ìdájọ́

Ìbéèrè méjìlá kò tó láti fi dájọ́ bí ìlànà kan ṣe máa ṣe lórí ètò gidi. Ọ̀wọ́ mìíràn lè gbé ẹlòmíràn ga. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi ohun tí ìlànà kan lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe láé hàn. Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde rọrùn, ó sì lè borí nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò lè ṣèlérí pé owó tí a fi ra mẹ́mórì kò ní di ìpalára. Pípẹ́-Láìlò lè pàdánù ju Àkọ́wọlé-Àkọ́jáde lọ lórí àyè kan náà, síbẹ̀ nítorí ìlérí yẹn ni a ṣe ń yàn án, tí a sì ń sapá láti súnmọ́ ọn. Aríran kò ṣeé lò lójú iṣẹ́, àmọ́ òun ló ń sọ bóyá ìlànà ló yẹ ká yí padà ni àbí mẹ́mórì ló yẹ ká fi kún. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má ṣe fi iye àyè kan ṣoṣo dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wò. Ẹ fún wọn ní mẹ́ta àti mẹ́rin lórí ọ̀wọ́ kan náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú mẹ́mórì méjèèjì lẹ́yìn ìbéèrè keje.